Fóònù Tó Ti Ń Rẹ̀: Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ̀ Bóyá Àtúnṣe Ló Yẹ Tàbí Rírà

Nígbà tí fóònù bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọni lẹ́nu, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ atúnfóònùṣe ni iye tí àtúnṣe yóò gbà. Wọ́n á wá fi iye náà wé iye fóònù tuntun, bí ti àtúnṣe bá sì kéré, wọ́n á ní kó tún un ṣe. Ọ̀nà yìí máa ń tan ènìyàn jẹ, nítorí pé fóònù tí a tún ṣe kò di tuntun. Oṣù díẹ̀ ló kù tí a ó fi lò ó, orí àwọn oṣù wọ̀nyẹn nìkan ni owó àtúnṣe náà yóò sì pín sí. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ló yẹ kí ẹ mọ̀ ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé kí ẹ tó dáhùn: oṣù tó kù fún fóònù náà, ohun tó ń ṣe é gan-an, àti iye tí oṣù kọ̀ọ̀kan tó kù yóò ná yín. Èmi yóò fi ọ̀rọ̀ náà sórí fóònù tí bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ tán mọ́, nítorí pé òun ni àìsàn tó wọ́pọ̀ jù lára fóònù tó ti dàgbà, òun náà sì ni èyí tí wọ́n fi ń sáré ju fóònù tó ṣì wúlò nù.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wá ọjọ́ tí ìmúdójúìwọ̀n ààbò yóò dópin

Ìgbésẹ̀ yìí ni àwọn ènìyàn ń fò jù, bẹ́ẹ̀ òun ló yẹ kó ṣáájú. Kò sí ètò ìṣiṣẹ́ fóònù tí kò ní àbùkù, àwọn olùwádìí àti àwọn ọ̀daràn sì ń rí àbùkù tuntun nínú rẹ̀ nígbà gbogbo. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù náà a máa fi àtúnṣe ránṣẹ́ láti dí àwọn ihò wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe títí láé. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá ti dáwọ́ dúró, ihò tí wọ́n bá rí lẹ́yìn ìgbà náà yóò ṣí sílẹ̀ lórí fóònù yín, bó ti wù kí bátìrì rẹ̀ lágbára tó. Díẹ̀díẹ̀ ni áàpù ilé ìfowópamọ́ àti àwọn mìíràn náà yóò wá máa kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀yà ètò ìṣiṣẹ́ tó ti pẹ́ jù.

Lórí fóònù Android, ẹ ṣí Settings, ẹ wọ About phone, kí ẹ sì wá ibi tí wọ́n kọ Android security update sí. Lórí àwọn fóònù kan, abẹ́ Android version tàbí Software information ló wà. Ọjọ́ tí ẹ bá rí níbẹ̀ ni ọjọ́ àtúnṣe ààbò tó dé kẹ́yìn. Bí ó bá ti lé ní ọdún kan, tí fóònù náà sì ń sọ pé kò sí ìmúdójúìwọ̀n kankan, ó ṣeé ṣe kí ilé-iṣẹ́ ti fi í sílẹ̀. Lórí iPhone, ẹ wọ Settings, lẹ́yìn náà General, lẹ́yìn náà Software Update.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá iye ọdún tí ilé-iṣẹ́ náà ṣèlérí fún irú fóònù yín lórí ìkànnì wọn. Ìlérí yàtọ̀ síra gidigidi. Google ṣèlérí ọdún 7 fún Pixel 8 tó jáde ní ọdún 2023, Samsung náà sì ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ fún Galaxy S24 ní ọdún 2024, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú kì í rí ju ọdún mélòó kan lọ. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà ọdún 2025 sọ pé ìmúdójúìwọ̀n ètò ìṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa wá fún ó kéré tán ọdún 5 lẹ́yìn tí wọ́n bá dáwọ́ títa irú fóònù kan dúró.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí ohun kan níbí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọjọ́ tí irú fóònù náà kọ́kọ́ jáde ni ilé-iṣẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò ọdún wọ̀nyí, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ rà á. Fóònù tí ẹ rà ní tuntun nínú páálí rẹ̀ lè ti lo ọdún kan tàbí méjì nínú àkókò rẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ yín. Ẹ óò rí nísàlẹ̀ bí àṣìṣe kékeré yìí ṣe lè yí ìpinnu padà pátápátá.

Bí ọjọ́ náà bá ti kọjá, tàbí tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ tó kù, èmi kò ní gbà yín nímọ̀ràn láti ná owó ńlá lé fóònù náà fún iṣẹ́ tó kan owó àti àṣírí yín. Ẹ ṣì lè fi gbọ́ orin, ẹ sì lè fi ṣe fóònù ìpè lásán, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yọ áàpù ilé ìfowópamọ́ àti ímeèlì yín kúrò lórí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ rí i dájú pé bátìrì ló ń ṣe é

Kí ẹ tó gbé fóònù lọ síbi àtúnṣe, àwọn ohun kan wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀, tó sì máa ń jọ àìsàn bátìrì. Àkọ́kọ́ ni wáyà àti orí ṣájà. Ẹ yá ti ẹlòmíràn tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kí ẹ fi gba iná fún wákàtí kan. Bí ó bá gbà á dáradára, wáyà tàbí orí ṣájà ni ẹ óò rà. Ìkejì ni ihò ṣájà. Òwú inú àpò àti eruku máa ń kó síbẹ̀, wọ́n á sì lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ihò náà títí wáyà kò fi ní lè wọlé dé òpin mọ́. Ẹ pa fóònù náà, ẹ tan iná sínú ihò, kí ẹ sì fi igi ìtayín tẹ́ẹ́rẹ́ kó ìdọ̀tí náà jáde pẹ̀lú sùúrù. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ tàbí irin kankan ṣe é, nítorí ó lè ba àwọn ẹnu irin wẹ́wẹ́ tó wà nínú rẹ̀ jẹ́. Ìkẹta ni áàpù tó ń jẹ iná láìdáwọ́ dúró: abẹ́ Battery nínú Settings ni ẹ óò ti rí orúkọ áàpù kọ̀ọ̀kan àti iye iná tó jẹ. Bí áàpù kan tí ẹ kì í sábà ṣí bá wà lókè pátápátá, ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ sì wo fóònù náà fún ọjọ́ méjì.

Bí kò bá sí èyí tó yanjú ọ̀rọ̀ náà, ẹ wá àmì tó sábà máa ń tọ́ka sí bátìrì: fóònù tó ń kú lójijì nígbà tó ṣì ń fi 20 tàbí 30 nínú 100 hàn, tó máa ń kú pàápàá nígbà tí ẹ bá ṣí kámẹ́rà, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi ṣájà sí i, yóò jí, iye tó fi hàn kò sì ní jìnnà sí ti tẹ́lẹ̀. Ohun tó ń fà á ni pé bí bátìrì lítíọ́ọ̀mù ṣe ń dàgbà, ohun méjì ló ń ṣẹlẹ̀ sí i. Iye iná tó lè gbà ń dín kù, agbára tó fi ń dènà iná nínú ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Kámẹ́rà àti géèmù máa ń bèèrè fún iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bátìrì tó ti gbó kò lè tú u jáde kíákíá, ni agbára iná bá já wálẹ̀ lójijì, fóònù yóò sì pa ara rẹ̀ láti dáàbò bo àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀. Iná ṣì wà nínú bátìrì náà ní tòótọ́; kò kàn lè jáde ni.

Ohun kan náà yìí ló ń mú kí àwọn ènìyàn rò pé gbogbo fóònù náà ti di àkúrẹtẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, Apple jẹ́wọ́ pé ètò ìṣiṣẹ́ òun ń dín eré àwọn iPhone kan tí bátìrì wọn ti gbó kù kí wọ́n má baà máa kú lójijì. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti ń múra láti ra òmíràn ló wá rí i pé fóònù àwọn tún padà yára nígbà tí wọ́n pààrọ̀ bátìrì. Nítorí náà, bí iPhone yín bá ń falẹ̀, ẹ má dá a lẹ́bi kí ẹ tó wo bátìrì rẹ̀.

Láti mọ bí bátìrì ṣe gbó tó lórí iPhone, ẹ wọ Settings, Battery, kí ẹ sì ṣí Battery Health, níbi tí ẹ óò ti rí Maximum Capacity. Iye tí ẹ rí níbẹ̀ ni ìwọ̀n iná tí bátìrì náà ṣì lè gbà bí a bá fi wé ìgbà tó wà ní tuntun. Àwọn Pixel tuntun àti àwọn fóònù Android mìíràn náà ní Battery health lábẹ́ Battery, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn. Bí tiyín kò bá ní i, atúnfóònùṣe tó mọṣẹ́ ní irinṣẹ́ tó fi lè yẹ̀ ẹ́ wò.

80 nínú 100 ni ààlà tí àwọn aṣẹ̀dá fóònù sábà ń lò. Apple, fún àpẹẹrẹ, sọ pé bátìrì iPhone 14 àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ni a ṣe láti ṣì ní 80 nínú 100 lẹ́yìn ìgbà 500 tí ó bá ti gba iná tán pátá, wọ́n sì sọ ọ́ di ìgbà 1000 láti orí iPhone 15. Ìgbà kan níbí túmọ̀ sí iná odidi bátìrì kan: bí ẹ bá lo ìdajì lónìí, tí ẹ gba iná, tí ẹ sì tún lo ìdajì lọ́la, ìgbà kan péré ni. Ẹni tó ń lo odidi kan lójoojúmọ́ yóò dé 500 láàárín ọdún kan àti oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún. Èyí fi hàn pé bátìrì tó gbó lẹ́yìn ọdún méjì kì í ṣe àmì pé fóònù kò dára; iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe tán.

Àmì kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fi falẹ̀ rárá. Bí ẹ̀yìn fóònù bá wú, tàbí tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ká kúrò lára férémù, bátìrì náà ti wú, ó sì lè gbiná. Ẹ má gba iná sí i mọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ wọlé, ẹ má sì gún un. Ẹ pa á, kí ẹ gbé e jìnnà sí ohun tó lè jóná, kí ẹ sì mú un lọ fún ẹni tó mọṣẹ́ láti yọ bátìrì náà lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wo ohun mìíràn tó ń ṣe é pẹ̀lú

Fóònù tó ti dàgbà kì í sábà ní àbùkù kan ṣoṣo. Pípààrọ̀ bátìrì tàbí ihò ṣájà sábà máa ń yẹ, nítorí pé iṣẹ́ wọn kò le púpọ̀, àbájáde wọn sì dájú. Ojú fóònù ni ẹ gbọ́dọ̀ rò dáadáa. Nínú ọ̀pọ̀ fóònù òde òní, gíláàsì òkè, ibi tó ń gbọ́ ìfọwọ́kàn àti ibi tó ń gbé àwòrán jáde ti lẹ̀ mọ́ ara wọn, nítorí náà, gíláàsì tó sán lásán lè mú kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Ẹ fi ìka fa àmì áàpù kan káàkiri gbogbo ojú fóònù náà láìgbé ìka sókè. Bí àmì náà kò bá já bọ́ níbikíbi, tí kò sì sí ilà tàbí àbàwọ́n dúdú, ìfọwọ́kàn àti àwòrán ṣì pé. Ẹ lè lẹ gíláàsì ìdáàbòbò mọ́ ọn, kí ẹ sì fi owó yín pamọ́.

Fóònù tí omi wọ̀ tàbí tí bọ́ọ̀dù rẹ̀ bàjẹ́ yàtọ̀. Omi máa ń jẹ́ kí àwọn ẹ̀yà irin wẹ́wẹ́ dógùn-ún díẹ̀díẹ̀, fóònù tó sì ṣiṣẹ́ lónìí lẹ́yìn àtúnṣe lè kú ní oṣù tó ń bọ̀ láti ibòmíràn. Èmi yóò san owó àtúnṣe bẹ́ẹ̀ kìkì bí àwọn àwòrán tàbí ìwé tí kò sí níbòmíràn bá wà nínú rẹ̀, ohun tí mo bá sì ń ra padà ni àwọn nǹkan náà, kì í ṣe fóònù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ pín owó sórí oṣù

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan pọ̀. Kí ó lè bá owó ibi gbogbo mu, a ó pe iye fóònù tuntun tí ẹ fẹ́ rà ní 100. Bátìrì pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ 12, ojú fóònù sì jẹ́ 30. Àpẹẹrẹ ni àwọn iye wọ̀nyí. Ẹ fi iye tí wọ́n bá pè fún yín rọ́pò wọn.

Fóònù tó wà lọ́wọ́ ń kú lójijì, bátìrì rẹ̀ wà ní 74 nínú 100, gíláàsì rẹ̀ sì sán ní igun kan. Irú fóònù náà jáde ní oṣù 40 sẹ́yìn, ìlérí ìmúdójúìwọ̀n ààbò rẹ̀ sì jẹ́ ọdún 5, ìyẹn oṣù 60. Ó ku oṣù 20. Fóònù tuntun tí ẹ ń wò ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, oun náà sì ní ìlérí oṣù 60.

Bí ẹ bá pààrọ̀ bátìrì nìkan, 12 tí a pín sí ọ̀nà 20 jẹ́ 0.6 lóṣù. Bí ẹ bá ra tuntun, 100 tí a pín sí ọ̀nà 60 jẹ́ nǹkan bíi 1.67 lóṣù. Bátìrì nìkan kò tó ìdajì rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yanjú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ojú fóònù kún un, owó náà di 42, tí a bá sì pín in sí ọ̀nà 20, ó di 2.1 lóṣù. Àtúnṣe tó dà bí ẹni pé kò tó ìdajì iye tuntun ti wá wọ́n ju tuntun lọ ní oṣù kọ̀ọ̀kan. Ohun tó yẹ nínú ọ̀ràn yìí ni kí ẹ pààrọ̀ bátìrì, kí ẹ lẹ gíláàsì ìdáàbòbò mọ́ ojú rẹ̀, kí ẹ sì máa tọ́jú owó fún fóònù tuntun láàárín oṣù 20 náà.

Ẹ wá wo ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ ká ní oní-fóònù náà ka oṣù láti ọjọ́ tó rà á. Oṣù 30 sẹ́yìn ló rà á, nítorí náà, yóò rò pé oṣù 30 ló kù. Yóò pín 42 sí ọ̀nà 30, yóò rí 1.4, èyí tó kéré sí 1.67, yóò sì pààrọ̀ bátìrì àti ojú fóònù pọ̀. Lẹ́yìn oṣù 20, ìmúdójúìwọ̀n ààbò yóò dáwọ́ dúró, yóò sì tún ní láti ra tuntun ní oṣù 10 ṣáájú ìgbà tó rò.

Ọ̀nà kẹta wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé, òun ni fóònù àlòkù. Bí àlòkù kan bá jẹ́ 45, tó sì ku oṣù 36 nínú ìlérí ààbò rẹ̀, ẹ fi 12 kún un fún bátìrì, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí ti inú rẹ̀ náà ti ń gbó. 57 tí a pín sí ọ̀nà 36 jẹ́ nǹkan bíi 1.58. Ó sàn díẹ̀ ju tuntun lọ, ṣùgbọ́n kò sún mọ́ bátìrì nìkan.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Bí ẹ bá yan bátìrì

Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà lórí fóònù náà kí ẹ tó gbé e sílẹ̀. Ẹ tẹ *#06# níbi tí a ti ń tẹ nọ́ńbà, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà IMEI tó bá jáde sílẹ̀, kí ẹ lè fi hàn pé fóònù yín gan-an ni wọ́n dá padà. Ẹ má fún atúnfóònùṣe ní nọ́ńbà àṣírí tí ẹ fi ń ṣí fóònù. Lórí àwọn Samsung kan, Maintenance mode wà nínú Settings, Repair mode sì wà lórí àwọn Pixel tuntun, méjèèjì sì ń jẹ́ kí wọ́n yẹ fóònù wò láìrí àwòrán àti ọ̀rọ̀ yín.

Ẹ bi í léèrè bóyá bátìrì náà wá láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù tàbí láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, oṣù mélòó ni yóò sì fi dúró lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀. Bátìrì ayédèrú lè dára lójú, ṣùgbọ́n ó lè gbóná jù tàbí kí ó gbó láàárín oṣù díẹ̀. Lórí àwọn iPhone láti orí XS àti XR, bí bátìrì kì í bá ṣe ti Apple, tàbí tí wọn kò bá parí ìfisí rẹ̀, fóònù lè sọ ọ́ fún yín nínú Settings, ó sì lè má fi Battery Health hàn. Ẹ tún béèrè bóyá yóò fi gọ́ọ̀mù tuntun dì í padà, nítorí pé fóònù tí wọ́n ti ṣí kò lè dá omi dúró bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà lọ, ẹ má gbé e sún mọ́ omi.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ ṣí kámẹ́rà iwájú àti ti ẹ̀yìn, ẹ pe ènìyàn kan, ẹ gbọ́ ohùn, ẹ fi ìka ṣí i, kí ẹ sì fi ṣájà sí i, nítorí pé àwọn wáyà pẹlẹbẹ inú rẹ̀ lè ṣí nígbà iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan bí ẹ ti máa ń ṣe, kí ẹ sì jẹ́ kí ó sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bíi 15 nínú 100 lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú kámẹ́rà ní ṣíṣí. Bí ó bá ṣì ń kú lójijì pẹ̀lú bátìrì tuntun tó dára, ó ṣeé ṣe kí àbùkù náà wà lórí bọ́ọ̀dù. Ẹ dá a padà fún atúnfóònùṣe láàárín àkókò tó fi dúró lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀, ẹ gba owó yín, kí ẹ sì fi í kún owó fóònù tuntun.